Ìdáhùn Íńtígíréṣọ̀n Méjì Tí Ojú Wọn Ò Jọra: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Bóyá Ọ̀kan Náà Ni Wọ́n

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ lẹ́yìn kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Adó-Èkìtì nìyí: "Tíṣà, ohun tí mo kọ yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́yìn ìwé. Ṣé mo gbà á ni àbí mo ṣì í?" Orí íńtígíréṣọ̀n tó ní sin àti cos nínú ni ìbéèrè náà sábà máa ń wà. Ọmọ á ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láṣeyanjú, á yẹ ẹ̀yìn ìwé wò, á rí i pé tibẹ̀ ò jọ tòun, á sì fi báírò fa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó máa ń dùn mí, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà rẹ́ yẹn ló tọ̀nà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la máa fi ṣàlàyé rẹ̀ níbí, a ó sì tẹ̀ lé e dé ìdí. Ẹ mú ìwé àti báírò dání kí ẹ máa ṣe é bí a ṣe ń lọ.

## Ìbéèrè náà, àti ọ̀nà mẹ́ta tó dé ibẹ̀

∫ sin x cos x dx

Ọ̀nà kìíní. Ẹ fi u rọ́pò sin x. Nígbà náà, du = cos x dx. Gbogbo rẹ̀ á wá di ∫ u du, tó ń fún wa ní u²/2. Ẹ dá sin x padà sí àyè rẹ̀:

F(x) = ½ sin²x + C

Ọ̀nà kejì. Ẹ fi u rọ́pò cos x dípò sin x. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra: du = −sin x dx. Àmì ìyọkúrò yẹn gbọ́dọ̀ bá wa dé òpin. Ó di −∫ u du, ìdáhùn sì ni:

G(x) = −½ cos²x + C

Ọ̀nà kẹta. Ẹ rántí pé sin 2x = 2 sin x cos x. Nítorí náà, sin x cos x jẹ́ ìdajì sin 2x. Bí a bá íńtígírétì ½ sin 2x:

H(x) = −¼ cos 2x + C

Ọ̀kan ní sin, ọ̀kan ní cos, ìkẹta ní 2x. Méjì ní àmì ìyọkúrò níwájú, ọ̀kan ò ní. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn á rò pé ó kéré tán, méjì nínú wọn ti ṣìnà. Kò sí èyí tó ṣìnà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà.

## Ohun tí C ń ṣe níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ "+ C" torí pé tíṣà máa ń gba máàkì kan lọ́wọ́ ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú C gan-an ni àlàyé ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ ro Òkè Olósunta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ká ní èèyàn méjì ń gùn ún pọ̀. Ọ̀kan ń wọn bí wọ́n ṣe ga tó láti ẹsẹ̀ òkè. Èkejì ń wọ̀n ọ́n láti orí òrùlé ilé kan tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ò ní bára mu láéláé. Síbẹ̀, ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ibi tó ti rọra yọ́ lọ, bákan náà ló rí lára ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà tọ̀hún àti tèyí ò ní yí padà láti ìsàlẹ̀ dé òkè: gíga ilé yẹn ni.

Bí a bá dífíréńṣíétì, bí òkè ṣe dà tó là ń wọ̀n. Bí a bá íńtígírétì, bí òkè ṣe dà tó ni wọ́n sọ fún wa, wọ́n wá ní ká sọ bó ṣe ga tó. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n fún wa. C ló dúró fún ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹni tó fi u rọ́pò sin x bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan. Ẹni tó fi u rọ́pò cos x bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wá kò wá ju èyí lọ: ṣé àlàfo láàárín ìdáhùn méjèèjì dúró lójú kan? Bó bá dúró, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó bá ń yí padà bí x ṣe ń yí padà, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ti ṣìnà.

## Ìgbésẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò

1. Ẹ fi ọwọ́ bo C. Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ láìsí C: ½ sin²x àti −½ cos²x.

2. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ fi wọ́n sínú àkámọ́ kí àmì má baà dàrú:
 F − G = (½ sin²x) − (−½ cos²x) = ½ sin²x + ½ cos²x

3. Ẹ wá ìdọ́gba tírígonọ́mẹ́tírì tó máa lé x lọ. Níbí, sin²x + cos²x = 1 ni. Torí náà:
 F − G = ½ (sin²x + cos²x) = ½
 x ti lọ, nọ́ńbà nìkan ló kù. Àlàfo náà dúró lójú kan, nítorí náà ìdáhùn méjèèjì bára mu.

4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta. cos 2x = 1 − 2 sin²x. Ẹ fi èyí sínú H:
 H = −¼ (1 − 2 sin²x) = −¼ + ½ sin²x
 Nítorí náà, F − H = ¼. Àlàfo yìí náà dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹta ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró, torí wọn ò mọ ìdọ́gba tí wọ́n máa mú. Mẹ́ta péré ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìbéèrè yìí:

- Bí ẹ bá rí sin² níhìn-ín àti cos² lọ́hùn-ún: sin²x + cos²x = 1
- Bí ẹ bá rí tan² níhìn-ín àti sec² lọ́hùn-ún: 1 + tan²x = sec²x
- Bí ẹ bá rí 2x níhìn-ín, tó sì jẹ́ x lásán lọ́hùn-ún: cos 2x = 1 − 2 sin²x, tàbí cos 2x = 2 cos²x − 1

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ní ojú méjì. Ẹ mú èyí tó bá ohun tó wà ní ọ̀hún mu. Bí ìdáhùn kejì bá jẹ́ ti sin, ẹ lo ti sin. Bó bá jẹ́ ti cos, ẹ lo ti cos. Ẹni tó mú òdìkejì ò ṣe ohun tó burú, àmọ́ á tún ní láti padà wá lo sin²x + cos²x = 1.

## Bí ìdọ́gba ò bá wá sọ́kàn: ẹ lo nọ́ńbà

Nínú yàrá ìdánwò, ọpọlọ lè dákẹ́ pátá. Ẹ mú iye x mẹ́ta, ẹ fi sínú ìdáhùn méjèèjì, kí ẹ wá wo àlàfo wọn.

| x | ½ sin²x | −½ cos²x | àlàfo |
|---|---|---|---|
| 0 | 0 | −0.5 | 0.5 |
| π/6 | 0.125 | −0.375 | 0.5 |
| π/4 | 0.25 | −0.25 | 0.5 |

Nọ́ńbà kan náà ló ń jáde. Ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Mo ní dé ìwọ̀n kan, torí pé nọ́ńbà lè tú àṣìṣe fó, àmọ́ kò lè fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé kò sí àṣìṣe. Ìdọ́gba ló ń fi ẹ̀rí múlẹ̀.

Ẹ wá wo bí ìdáhùn tó ṣìnà ṣe ń rí. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ọmọ á lo ọ̀nà kejì, á gbàgbé àmì ìyọkúrò tó wà nínú du, á sì kọ ½ cos²x + C. Ẹ fi í wé F:

| x | ½ sin²x | ½ cos²x | àlàfo |
|---|---|---|---|
| 0 | 0 | 0.5 | −0.5 |
| π/6 | 0.125 | 0.375 | −0.25 |
| π/4 | 0.25 | 0.25 | 0 |

Àlàfo ń yí padà. Kò sí C kankan tó lè tún èyí ṣe.

### Ìkìlọ̀ méjì lórí nọ́ńbà

Ẹ má fi 0 àti π nìkan dán an wò. Àwọn nọ́ńbà tó rọrùn yìí ni gbogbo ọmọ máa ń sá lọ bá, wọ́n sì máa ń tanni jẹ. Ẹ padà sí ìdáhùn tó ṣìnà lókè yẹn. Ní x = 0, àlàfo jẹ́ −0.5. Ní x = π, sin²π = 0, cos²π = 1, àlàfo tún jẹ́ −0.5. Ní 2π, bákan náà ni. Ẹni tó lo àwọn mẹ́ta wọ̀nyí á búra pé ìdáhùn òun tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ó ti ṣìnà. Ohun tó fà á ni pé sin² àti cos² máa ń padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn π kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ibì kan náà lẹ ń wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ lo 0, π/6 àti π/4, tàbí iye mìíràn tí àlàfo àárín wọn kì í ṣe π.

Ẹ wo bóyá rédíánì ni kalikulétọ̀ yín wà. Èyí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá wà ní dígírì, tí ẹ sì tẹ π/6 sí i, ohun tó máa kà ni nǹkan bíi ìdajì dígírì kan. Ní igun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, sin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0, cos sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ ní π/4. Ìdáhùn tó ṣìnà yẹn á wá máa fún yín ní −0.50 ní 0, −0.50 ní π/6, −0.50 ní π/4, bí ẹ bá kọ ọ́ dé ibi nọ́ńbà méjì lẹ́yìn ojúàmì. Yóò dà bí ẹni pé àlàfo dúró. Bí ẹ bá tẹ sin(π/6) tí kò sì fún yín ní 0.5 gééré, ẹ yí kalikulétọ̀ padà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

## Ọ̀nà mìíràn: ẹ padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀

Bí ẹ ò bá fẹ́ ìyọkúrò, ẹ dífíréńṣíétì ìdáhùn yín, kí ẹ wò ó bóyá ó dá yín padà sí ìbéèrè. ½ sin²x á di ½ × 2 sin x × cos x, ìyẹn sin x cos x. Fún H, −¼ cos 2x á di ¼ × 2 sin 2x, tó jẹ́ ½ sin 2x. Ẹ ó rí i pé ẹ tún nílò ìdọ́gba kan kó tó di sin x cos x, torí náà ọ̀nà yìí ò fi bẹ́ẹ̀ gbà yín lọ́wọ́ ìdọ́gba. Ohun tó fi sàn jù ni pé kò pọn dandan kí ẹ ní ìdáhùn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ dá nìkan ṣe, mo sì fẹ́ràn ìyọkúrò nígbà tí ìdáhùn méjì bá wà níwájú yín.

## C tèmi kì í ṣe C tìrẹ

Ọmọkùnrin kan mú ìwé rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó kọ ọ́ báyìí:

½ sin²x + C = −½ cos²x + C

Ó yọ C kúrò ní ọwọ́ méjèèjì, ó kó cos wá sí ọwọ́ òsì, ó wá rí i pé ½ = 0. "Tíṣà, ẹ wò ó, ìṣirò ti bàjẹ́." Ìṣirò ò bàjẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó fi lẹ́tà kan ṣoṣo pe nǹkan méjì. C tó wà lápá òsì jẹ́ iye kan, èyí tó wà lápá ọ̀tún jẹ́ iye mìíràn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìdáhùn méjì sórí ìlà kan, ẹ fún C ní nọ́ńbà:

½ sin²x + C₁ = −½ cos²x + C₂

Nísinsìnyí, C₂ = C₁ + ½. Kò sí ìjà mọ́.

Ẹ máa rí i dájú nígbà tí ìbéèrè bá fún yín ní ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní wọ́n sọ pé dy/dx = sin x cos x, àti pé y = 3 nígbà tí x = 0. Ẹ fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

- F: 0 + C = 3, nítorí náà C = 3, y = ½ sin²x + 3
- G: −½ + C = 3, nítorí náà C = 7/2, y = −½ cos²x + 7/2
- H: −¼ + C = 3, nítorí náà C = 13/4, y = −¼ cos 2x + 13/4

C mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n ẹ fi x = π/2 sínú wọn: 3.5, 3.5, 3.5. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní "C tèmi jẹ́ 7/2" tí tiyín sì jẹ́ 3, ẹ má fà á rẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó kọ síwájú C ná.

Bí íńtígíréṣọ̀n bá ní ààlà lókè àti nísàlẹ̀, wàhálà yìí ò sí rárá. Láti 0 dé π/2, F fún wa ní ½ − 0, G fún wa ní 0 − (−½), H fún wa ní ¼ − (−¼). Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ½. Bí ìdáhùn méjì bá yàtọ̀ níbi tí ààlà wà, ẹ má wulẹ̀ wá ìdọ́gba kankan, àṣìṣe ni kí ẹ wá.

## Nígbà tí ìdáhùn yín ò sí lára A, B, C, D

Èyí ló ń gba àkókò jù nínú ìdánwò tí wọ́n ń mú lẹ́tà. Ẹ ti rí ½ sin²x + C, àmọ́ ohun tó wà lórí ìwé ni:

A. ½ cos²x + C
B. −¼ cos 2x + C
C. ¼ cos 2x + C
D. −½ sin²x + C

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú x = 0 àti x = π/4, kí ẹ wo iye tí ìdáhùn yín fi gòkè láàárín méjèèjì. Tiyín lọ láti 0 sí 0.25, ó gòkè ní ìdámẹ́rin. A lọ láti 0.5 sí 0.25, ó sọ̀ kalẹ̀. B lọ láti −0.25 sí 0, ó gòkè ní ìdámẹ́rin. C sọ̀ kalẹ̀. D sọ̀ kalẹ̀. B ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí méjì bá gòkè ní iye kan náà, ẹ fi π/6 kún un kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

## Ibi tí àlàfo ti lè fò láìjẹ́ pé ẹ ṣìnà

Ìkìlọ̀ yìí wà fún àwọn tó ti dé yunifásítì. Mo sọ pé bí àlàfo bá yí padà, ẹnì kan ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yẹn dúró níwọ̀n ìgbà tí ojú ọ̀nà ò bá já láàárín.

Ẹ wo ∫ 1/(1 + x²) dx. Ọ̀pọ̀ á kọ arctan x + C. Ẹlòmíràn lè dé −arctan(1/x) + C. Ẹ dífíréńṣíétì méjèèjì, ibì kan náà lẹ máa dé. Ní x = 1, àlàfo wọn jẹ́ π/4 − (−π/4) = π/2. Ní x = 2 tàbí 10, π/2 náà ni. Àmọ́ ẹ lọ sí x = −1: −π/4 − π/4 = −π/2. Àlàfo ti fò!

Ohun tó fà á ni pé 1/x ò sí ní x = 0. Ìdáhùn kejì já sí méjì níbẹ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì, apá kọ̀ọ̀kan sì lè ní C tirẹ̀. Ó dà bí ọ̀nà tí afárá rẹ̀ ti wó: ẹni tó ń wọn gíga lápá ìhín ò ní ohun tó so ó mọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lápá ọ̀hún. Bí ẹ bá fẹ́ dán nọ́ńbà wò, ẹ rí i pé gbogbo iye x tí ẹ mú wà ní apá kan náà. tan x àti sec x náà máa ń já báyìí ní π/2, nítorí náà ẹ má mú ọ̀kan ṣáájú π/2 kí ẹ mú òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún ààlà pẹ̀lú: láti −1 dé 1, arctan x máa fún yín ní π/2 tó tọ̀nà, àmọ́ −arctan(1/x) máa fún yín ní −π/2, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé 1/(1 + x²) ò lọ sísàlẹ̀ òdo níbì kankan.

## Kí ẹ tó fa iṣẹ́ yín rẹ́

- Ṣé ẹ ti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, láìsí C?
- Ṣé ẹ fi àkámọ́ sí i kí àmì má baà dàrú?
- Ṣé iye x tí ẹ lò ju méjì lọ, tí kì í ṣe 0, π, 2π nìkan?
- Ṣé rédíánì ni kalikulétọ̀ wà?
- Ṣé kò sí ibi tí ọ̀nà ti já láàárín àwọn iye x yẹn?

## Ẹ fi èyí dán ọwọ́ yín wò

∫ sec²x tan x dx

Ẹ kọ́kọ́ fi u rọ́pò tan x, du á jẹ́ sec²x dx, ẹ ó rí ½ tan²x + C. Lẹ́yìn náà, ẹ fi u rọ́pò sec x, du á jẹ́ sec x tan x dx, ẹ ó rí ½ sec²x + C. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́, kí ẹ lo ìdọ́gba kejì nínú mẹ́ta tí mo kọ sókè. Bí ohun tó kù lọ́wọ́ yín bá jẹ́ −½, ẹ ti ṣe é. Bó bá jẹ́ ½, ẹ ti yí ìyọkúrò náà sódì, àmọ́ ìdáhùn méjèèjì ṣì bára mu.